Ọbẹ̀ Òòjọ́ àti Ọbẹ̀ Ọ̀sẹ̀

Àwọn àgbà tó ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, ọ̀ràn àtijọ́ tí kò tíì tán ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe iyán inú àwo. Nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ju ará Èkìtì lọ pé iyán tí a gún ní ìrọ̀lẹ́ òní, bó bá fi di ìyálẹ̀ta ọ̀la, ojú rẹ̀ yóò ti gbẹ, ara rẹ̀ yóò ti le, ẹni tí yóò fi ṣe àlejò kò sì ní í pọ̀. Orí èyí gan-an ni àwọn kan ní Adó, ìlú Ewì, gbé ẹjọ́ wọn lé, tí wọ́n fi ń sọ pé obìnrin tó bá mọ iyì ilé ọkọ gbọ́dọ̀ máa dáná tuntun lójoojúmọ́, àti pé èyí tó bá se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan jọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀lẹ ló fi ń bọ́ ọkọ àti ọmọ. Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ wọn, mo sì kọ ìdajì kejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́ náà. Akọ̀wé ìjọba ni, tàbí kó jẹ́ olùkọ́; aago mẹ́jọ àárọ̀ ti bá a lẹ́nu iṣẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló tó kúrò níbẹ̀; kó tó rí ọ̀kadà ní Fájuyì, kó tó yà kó àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́, kó tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, aago márùn-ún ti kọjá, ebi sì ti dé, ebi kì í sì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ìgbà yìí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ata, tí yóò gbé e tọ ẹlẹ́rọ lọ, tí yóò padà wá gbé e kaná kí omi rẹ̀ gbẹ, kó tó wá dín in, ata nìkan lè gba wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó kan ẹ̀fọ́, kó tó kan iṣu. Nígbà tí oúnjẹ yóò fi jinná, ọmọ tó kéré jù ti sùn lọ lórí àga.

Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò sì lọ bí ọ̀pá ìbọn. Síbẹ̀, àwọn ìyá wa àtijọ́ pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ gbogbo oúnjẹ láti ìpìlẹ̀ lójoojúmọ́. Èlùbọ́ tí wọ́n sá, gaàrí tí wọ́n yan, irú tí wọ́n sè, ẹ̀kọ tí wọ́n fi ewé pọ́n, kí ni gbogbo wọn bí kò ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan tí a fi ń jẹun ọjọ́ púpọ̀? Ohun tí wọ́n mọ̀ dájú ni oúnjẹ tó lè dúró deni àti èyí tí kò lè dúró. Nínú ohun gbogbo tí a fi ń se ọbẹ̀, ata ló ń jẹ àkókò jù, bó bá sì ti jinná, ó lè dúró, nítorí iná ti gba omi lára rẹ̀, tòmátì sì ti fi kíkan rẹ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ má fi ọbẹ̀ pamọ́. Ata ni kí ẹ fi pamọ́.

Bí yóò ti ṣe é nìyí. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, yóò ra tòmátì, tàtàsé, àlùbọ́sà àti ata rodo ní Ọjà Ọba, yóò lọ̀ wọ́n, yóò sè wọ́n láìfi omi kún un títí omi wọn yóò fi gbẹ, yóò sì wá fi òróró dín in títí òróró yóò fi léfòó, tí òórùn ata tútù yóò sì kúrò níbẹ̀. Yóò bù ú sí abọ́ pẹlẹbẹ márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìrọ̀lẹ́ kan láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Bó bá di ìrọ̀lẹ́ Ajé, ata abọ́ kan yóò hó lórí iná, tẹ̀tẹ̀ tí a ti bọ̀ tí a sì ti fún yóò wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ, ẹ̀fọ́ rírò sì dé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gúsí ni yóò dà sínú ti rẹ̀. Ilá àti ewédú ní tiwọn kò fẹ́ ìtọ́jú ọjọ́ púpọ̀ rárá, òòjọ́ ni kí a sè wọ́n. Báyìí, kò sí ẹni tó lè sọ pé ọbẹ̀ àná ni òun ń jẹ.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á fi odidi ìkòkò ńlá sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀ di òru. Àárín irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ a máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, inú ìlọ́wọ́ọ́rọ́ yìí sì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń bí sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà márùn-ún tó gbé jáde ní ọdún 2001 lórí oúnjẹ, sọ pé oúnjẹ tó ti jinná kò gbọ́dọ̀ wà ní ìta ju wákàtí méjì lọ, kí a sì fi pamọ́ sí ibi tí òtútù rẹ̀ kò ju ìwọ̀n 5 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní abọ́ pẹlẹbẹ: kí ata inú rẹ̀ má jìn ju ìka mẹ́ta lọ, kí a gbé e sínú omi tútù kó tètè rọ̀, kó tó wọ fìríìjì. Abọ́ ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun lè wà nínú fìríìjì; mẹ́ta yòókù, inú firísà ni àyè wọn. Ìrẹsì kò sí nínú ètò yìí. Irúgbìn kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí iná kì í pa, bí ìrẹsì jíjinná bá sì pẹ́ ní ìta, oró tí kòkòrò náà pọ̀ sínú rẹ̀ kì í kúrò bí a bá tún un gbé kaná, bẹ́ẹ̀ ni imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìrẹsì fi ń jinná. Ẹ sè é lóòjọ́.

Iná mọ̀nàmọ́ná wá ńkọ́, tó ń lọ nígbà tó wù ú? Firísà tó kún, bí a kò bá ṣí i, lè mú òtútù dúró tó ọjọ́ méjì. Èyí tó kún dé ìdajì, ọjọ́ kan. Ẹ gbé ife omi kan síbẹ̀ kó di yìnyín, kí ẹ sì gbé owó ẹyọ lé orí rẹ̀. Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé tí ẹ bá owó náà ní ìsàlẹ̀ ife, omi náà ti yọ́ kó tó tún dì, ata tó wà níbẹ̀ kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Èyí tó bá yọ ìfòfó tàbí tó ń rùn kíkan, dídànù ni, gbígbé kaná kò lè tún un ṣe. Ní ilé tí iná kì í dúró, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a pín iṣẹ́ náà sí méjì: kí a sè é ní Àbámẹ́ta fún ọjọ́ méjì, kí a sì sè é lẹ́ẹ̀kejì ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún ìyókù.

Ó wá ku iyán, tí gbogbo wa gbà pé òòjọ́ ni tirẹ̀. Ọbẹ̀ tí baálé ilé kì í jẹ, ìyálé ilé kì í sè é, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n baálé ilé tí kò lè jẹ iyán àná, tó sì ti ibi iṣẹ́ dé ṣáájú ìyàwó rẹ̀, mo bẹ̀ ọ́, kí ìyá ọmọ rẹ tó wọlé, bẹ iṣu náà, gbé e kaná, kí o sì ti mú ọmọ odó sílẹ̀.