Dọ́là Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Báǹkì

Ní oṣù tó kọjá, mo parí ìtúmọ̀ ìwé ìtàn àwọn ọmọdé kan fún obìnrin kan tó ń tẹ ìwé ní Amẹ́ríkà. Àdéhùn wa jẹ́ 200 dọ́là. Nígbà tí ó tó àsìkò láti sanwó, ó béèrè bóyá mo lè gba USDT. Ìyá mi jókòó tì mí nígbà tí mo ń ka iṣẹ́ tí ó rán sí mi. Wọ́n ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ṣé owó tí èèyàn lè ná ni?"

Mo dá wọn lóhùn pé owó orí ẹ̀rọ ni, tí ilé iṣẹ́ Tether ti ń gbé jáde láti ọdún 2014. Ìlérí ilé iṣẹ́ náà ni pé ohun ìní tó tó dọ́là kan wà nípamọ́ fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìdí sì nìyẹn tí iye rẹ̀ kì í fi í fò sókè sódò bíi ti Bitcoin. Ṣùgbọ́n ìlérí ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, USDC, tí òun náà jẹ́ irú owó yìí, wálẹ̀ sí nǹkan bíi 88 sẹ́ǹtì nígbà tí báǹkì kan tó ń tọ́jú lára owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀. Ó padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí owó oúnjẹ pẹ́ níbẹ̀.

Kí owó náà tó dé ọwọ́ mi, mo ní láti fi àdírẹ́sì àpamọ́wọ́ orí ẹ̀rọ mi ránṣẹ́ sí obìnrin náà, kí n sì sọ ojú ọ̀nà tí yóò gbà. USDT kan náà ń gba ojú ọ̀nà púpọ̀. Àdírẹ́sì ti Tron máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x ni ó máa ń da àwọn èèyàn láàmú, nítorí pé Ethereum, Polygon àti BNB Smart Chain ló jọ ń lo irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ń sanwó bá yan ojú ọ̀nà tí ibi tí àpamọ́wọ́ rẹ wà kò gbà, ẹ̀rọ kò ní í dá a dúró. Owó yóò lọ, ìwọ kò sì ní í rí i. Kò sí báǹkì tí èèyàn lè sáré lọ bá pé kí ó dá a padà.

Nítorí náà, Tron ni a jọ fẹnu kò sí. Mo bẹ obìnrin náà pé kí ó kọ́kọ́ fi 5 dọ́là ránṣẹ́. Nígbà tí mo rí i pé ó wọlé, ó fi 195 tó kù ránṣẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.

Ó ku kí n ṣẹ́ ẹ sí náírà, ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n wà. Mo gbé 100 lọ sí ọjà orí ẹ̀rọ tí a ti ń bá olùrà pàdé lójúkojú, tí wọ́n ń pè ní P2P. Olùrà kan gbà láti ra dọ́là kọ̀ọ̀kan ní 1,500 náírà, èyí tó jẹ́ 150,000 lápapọ̀. Ọjà náà di 100 mi mú, kí èmi má baà gbé e sá, kí olùrà náà sì fi náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì mi. Nígbà tí mo bá tẹ Release ni dọ́là yóò tó di tirẹ̀.

Láìpẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ áláàtì 150,000 wọ fóònù mi. Olùrà náà ń kọ̀wé léraléra: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sílẹ̀, mo ti wà lójú ọ̀nà." Mo ṣí áàpù báǹkì mi. Iye tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ayédèrú áláàtì ni, ẹnikẹ́ni ló lè kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Mo tẹ Appeal, mo fi àwòrán àkáǹtì mi hàn wọ́n, wọ́n sì dá 100 mi padà fún mi.

Olùrà kejì sanwó gidi. Mo ṣì wo orúkọ tó wà lórí owó náà bóyá ó bá ti orí ọjà mu, nítorí pé bí orúkọ mìíràn bá ló sanwó, owó olówó tí wọ́n jí lè ni, báǹkì sì lè ti àkáǹtì mi pa. Orúkọ náà bára mu, mo tẹ Release.

Ìyá mi kò sọ nǹkan kan ní gbogbo àsìkò náà. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ka iye tó wà nínú áàpù báǹkì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní kí n lọ ra gáàsì.