Mi ò ní í fowó ìyá ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin ránṣẹ́

Mo mọ̀ pé ó pọ̀ nínú wa níbí tó ń fowó ránṣẹ́ sílé fún oko ẹlẹ́dẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Bọ̀dá mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ní ìyá ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́jọ lápá Ìjẹ̀bú. Lóṣù tó kọjá ó ní kí n wá owó mẹ́rin sí i. Mo ní rárá. Inú bí i, ó ní ìwé ti ń dà mí láàmú. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ mi síbí, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa gbè é.

Ibà ẹlẹ́dẹ̀ Áfíríkà ni mò ń sá fún. Ọdún 1997 ló wọ Nàìjíríà, kò sì tíì lọ. Ní 2020 ó jà ní Òkè-Aró, níbi tí ọ̀pọ̀ olóko ti kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ra wọn, ẹran sì kú rẹpẹtẹ. Kì í mú èèyàn. Àmọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó bá mú, ara rẹ̀ á gbóná, á kọ oúnjẹ, etí àti ikùn rẹ̀ á pọ́n, láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti kú. Kò sí oògùn rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn ló ń gbé e kiri jù. Ẹ wo ẹni tó ń wá ra ẹran. Láàárọ̀ kan ṣoṣo ó lè dé oko mẹ́ta, pẹ̀lú bàtà kan náà, okùn kan náà, ọkọ̀ kan náà. Nígbà tí ẹran bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lóko kan, òun ni olóko kọ́kọ́ ń pè kó wá kó ìyókù lówó pọ́ọ́kú. Mi ò bá olóko yẹn wí púpọ̀, àbí ta ló máa san án padà fún un? Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀, bọ̀dá mi ló kàn. Ó sì ń jẹ́ kó wọlé, kó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹran wò.

Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó kọ́ ilé kékeré kan sẹ́nu géètì. Kí wọ́n wọn ẹran nínú lọ́hùn-ún, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n ti ná an tán lórí fóònù. Ọmọ iṣẹ́ wọn á wá dà á dé géètì, oníbàárà á gbé e níta. Ẹran tó bá ti débẹ̀ kò gbọdọ̀ padà sínú mọ́, kódà bí oníbàárà bá yí ọ̀rọ̀ padà. Ibi tó máa dùn wọ́n jù nìyẹn. Bàtà òjò tí wọ́n ń wọ̀ nínú, kó má jáde. Tí wọ́n bá fẹ́ fi jíìkì fọ bàtà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì họ ìgbẹ́ ara rẹ̀ kúrò, torí jíìkì ò ràn án tí ìgbẹ́ bá bò ó.

Ọ̀rọ̀ àjẹkù búkà wá ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, fáírọ́ọ̀sì yìí sì ń pẹ́ nínú ẹran, yálà wọ́n gbẹ ẹ́ tàbí wọ́n fi sínú yìnyín. Níbí, ní Bìrìtéènì, wọ́n ti fòfin dè é láti 2001, lẹ́yìn àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu. Tí bọ̀dá mi ò bá lè fi í sílẹ̀, kó sè é títí á fi hó, kó sì máa rò ó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i. Garawa tó fi gbé tútù wá kò gbọ́dọ̀ kan èyí tó ti jinná. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ń ti bà á jẹ́. Ní tèmi, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ sàn jù ú lọ.

Ìyá ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin náà gan-an wá nìṣòro. Ọjà ló fẹ́ ti rà wọ́n. Ẹran lè ti kó o kó sì máa jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, èyí tó bá sì yè lè máa gbé e kiri. Bó bá di dandan, kó rà á lóko kan tó mọ̀, kó yà á sọ́tọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí ọmọ iṣẹ́ tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn lóòjọ́. Akọ ẹlẹ́dẹ̀ aládùúgbò tí wọ́n ń yá láti oko dé oko ńkọ́? Bákan náà ni, jàre.

Mo ṣírò rẹ̀: owó ìyá ẹlẹ́dẹ̀ méjì nínú mẹ́rin yẹn á ṣe ọgbà yíká, ilé ẹnu géètì, dúrọ́ọ̀mù ìsè àti bàtà. Èyí ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́.

Bọ̀dá mi ní tóun bá dá oníbàárà dúró síta, á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Òótọ́ ni, mi ò rí èsì gidi fún un, àfi kí òun àti olóko méjì tó múlé gbè é jọ ṣe é. Ó ti bá ọ̀kan sọ̀rọ̀. Ó gbà láti kọ́ ilé ẹnu géètì. Ti akọ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, a ṣì ń jà lé e lórí.