Ta Ló Sọ Fún Áàpù Yín Pé Owó Ò Wọlé?

Lọ́dún tó kọjá, mo kọ áàpù kékeré kan fún ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ìrẹsì. Oníbàárà wa kan, màmá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wá tó tún ń lọ, fẹ́ san ₦12,000. Ó tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀, ó tẹ OTP, ni nẹ́tíwọ̀kì bá lọ. Áàpù mi dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà pé: "Owó kò wọlé, ẹ tún un san." Màmá tún un san. ₦24,000 ló kúrò ní báńkì.

Wọ́n pè mí: "Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì kẹ̀?" Ojú tì mí.

Irọ́ ni áàpù mi pa. Owó àkọ́kọ́ ti wọlé, èsì rẹ̀ ló sọnù lọ́nà. Bí ẹ bá rán ọmọ níṣẹ́ tí kò tíì dé, ṣé ẹ lè sọ pé kò jẹ́ iṣẹ́ náà? Lójú tèmi, ìdáhùn mẹ́ta ló yẹ kí áàpù tó ń gbowó ní: ó wọlé, kò wọlé, a ò tíì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Paystack ṣe àpẹẹrẹ. Owó kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, `reference`. Àṣìṣe mi ni pé gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá tẹ "San" ni mo ń ṣẹ̀dá tuntun, nítorí náà owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yẹ kí n ṣẹ̀dá rẹ̀ fún ọjà kan, kí n sì fi pamọ́ sórí fóònù kí n tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Bí a bá tún fi nọ́ńbà kan náà bẹ̀rẹ̀ owó mìíràn, Paystack á kọ̀ ọ́.

Tí nẹ́tíwọ̀kì bá padà dé, fóònù á ní kí sáfà wa kọ́kọ́ béèrè:

```
GET https://api.paystack.co/transaction/verify/iresi-0147
```

Sáfà ló ń béèrè, torí kọ́kọ́rọ́ àṣírí ò gbọdọ̀ sí lórí fóònù. Bí `data.status` bá jẹ́ `success`, tí `data.amount` sì jẹ́ 1200000 (kọ́bọ̀ ni wọ́n fi ń kà á), ó ti parí nìyẹn. Bó bá jẹ́ `failed`, ìgbà yẹn la tó lè ṣẹ̀dá nọ́ńbà tuntun. Bó bá jẹ́ `abandoned`, ẹ dá a padà sí ojú ìwé ìsanwó ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ `pending`, ẹ dúró.

Kódà bí fóònù màmá bá kú pátápátá, Paystack á fi `charge.success` ránṣẹ́ sí sáfà wa tààrà. Ṣùgbọ́n ìròyìn yẹn náà lè pẹ́, ìdí nìyẹn tí sáfà fi gbọ́dọ̀ máa béèrè fúnra rẹ̀.

A dá ₦12,000 màmá padà. Ohun tí áàpù ń kọ báyìí ni: "A ṣì ń wádìí owó yín. Ẹ má tíì san òmíràn."

Ẹ dán tiyín wò: ẹ fi káàdì ìdánwò sanwó, kí ẹ pa dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí ìsanwó. Kí ni áàpù yín sọ?