Ẹ̀sùn tó Wà Lọ́rùn Àwọn Ará Persimmon

Kò sẹ́ni tó jalè nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ rò yìí. Mo tètè sọ ọ́ nítorí ẹni tó bá ń retí ọlọ́pàá nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ní Persimmon, ilé-iṣẹ́ akọ́lé tó fi ìlú York nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùjókòó, ló wà nínú ìwé, àwọn tó ni ṣíà ilé-iṣẹ́ náà ló sì dìbò fún un. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn. Jeff Fairburn, ọ̀gá àgbà tí wọ́n gbà síṣẹ́ tí wọ́n sì ń san owó oṣù fún, kúrò níbẹ̀ ní ìparí ọdún 2018 pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù 75 pọ́n-ùn láti inú ètò bónọ́ọ̀sì kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká tú ètò náà palẹ̀ ná, nítorí inú rẹ̀ ni ẹjọ́ náà wà. Lọ́dún 2012, ọjà ilé ò tíì gbádùn tán lẹ́yìn tó dojú dé lọ́dún 2008. Persimmon wá ṣèlérí fún àwọn oníṣíà pé kí ọdún 2021 tó parí, àwọn yóò ti san pọ́n-ùn 6.20 fún wọn lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan. Ṣíà náà lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 300, owó tí wọ́n sì ń sọ sún mọ́ bílíọ̀nù 1.9. Kí àwọn ọ̀gá lè mú ìlérí yìí ṣẹ, wọ́n fún nǹkan bí 150 nínú wọn ní ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà lọ́jọ́ iwájú ní iye tí wọ́n ti dá sílẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá ṣe ń san owó fún àwọn oníṣíà, bẹ́ẹ̀ ni iye yẹn yóò máa já wálẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí: ká ní wọ́n fún ọ̀gá kan ní ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà 100,000 ní pọ́n-ùn 6.20. Tó bá fẹ́ rà á lónìí, yóò mú 620,000 pọ́n-ùn wá. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ bá ti san pọ́n-ùn 1 lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, iye tí yóò mú wá já sí 520,000. Nígbà tí wọ́n bá san 6.20 tán, kò ní í mú kọ́bọ̀ wá mọ́. Nígbà tí oṣù Kejìlá ọdún 2017 ń parí, ṣíà Persimmon kan ti ju pọ́n-ùn 25 lọ lọ́jà. Ní iye yẹn, ṣíà 100,000 tí ọ̀gá yẹn máa gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n bá san 6.20 tán ju mílíọ̀nù 2.5 lọ, ti Fairburn sì ju 100,000 lọ fíìfíì.

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ kan ìgbìmọ̀ tó ń pinnu owó-ọ̀yà àwọn ọ̀gá. Wọn ò fi gbèdéke sí owó náà. Kò síbì kankan nínú ètò náà tí wọ́n ti kọ ọ́ pé tó bá dé iye báyìí, kó dúró. Iye ṣíà ni wọ́n ṣírò, wọn ò ṣírò iye tí ṣíà yẹn lè di. Ẹni tó ń bá ọ̀gá kan ṣe àdéhùn ọdún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ béèrè pé tí ọjà bá lọ sókè ju bí a ti rò lọ, èló ni ọkùnrin yìí yóò gbé lọ? Ìbéèrè ìṣẹ́jú márùn-ún ni, bébà àti bírò sì tó o. Àwọn tí wọ́n ń sanwó fún láti béèrè rẹ̀ ò béèrè, tàbí wọ́n béèrè kí wọ́n tó gbójú kúrò. Èyí tó wù kó jẹ́, ọrùn wọn ló wà.

Ẹ̀sùn kejì wúwo ju ìyẹn lọ, torí ó kan ohun tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́. Owó tí ilé-iṣẹ́ bá dá padà fún àwọn oníṣíà nìkan ni ètò náà ń wò. Kò wo bóyá ilé tí wọ́n kọ́ dúró dáadáa, kò sì wo ibi tí owó náà ti wá. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Help to Buy. Ẹni tó fẹ́ ra ilé tuntun tó jẹ́ 200,000 pọ́n-ùn yóò mú 10,000 wá, ìjọba yóò yá a ní 40,000 láìgba èlé fún ọdún márùn-ún, báńkì yóò sì yá a ní 150,000 tó kù. Ilé tuntun nìkan ni ètò náà wà fún. Ṣé ẹ rí i pé àwọn akọ́lé ni wọ́n dáná yìí fún? Nǹkan bí ìdajì àwọn ilé tí Persimmon ń tà ló wá ń gba ọ̀nà yẹn.

Owó tí Persimmon ti ṣèlérí pé ó máa pé lọ́dún 2021 ti pé kí oṣù Keje ọdún 2018 tó parí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ṣáájú. Mi ò sọ pé àwọn ọ̀gá náà ò ṣiṣẹ́. Wọ́n ra ilẹ̀ nígbà tó wà ní pọ́ọ́kú, wọ́n sì mọ owó ná. Ṣùgbọ́n àwọn akọ́lé yòókù náà rí èrè ńlá lásìkò kan náà, nítorí afẹ́fẹ́ kan náà ló ń tì wọ́n. Ètò tó bá mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ì bá ti yọ ọwọ́ ìjọba kúrò nínú ìṣirò kó tó san bónọ́ọ̀sì fún ẹnikẹ́ni.

Ilé wá ńkọ́? Nínú àyẹ̀wò tí àwọn tó ra ilé ń kópa nínú rẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni Persimmon ń gbà lásìkò yẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní kí agbẹjọ́rò àgbà Stephanie Barwise ṣe jáde síta. Ó fi hàn pé nínú àwọn ilé onífúrémù pákó kan, wọn ò fi ohun tó yẹ kó dí ààrin ògiri kí iná má bàa ràn sí i bó ṣe yẹ, àṣìṣe náà sì kárí orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ yẹn kì í náni ní owó púpọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè fojú rí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri tán. Kò sí ìlà kan nínú ètò bónọ́ọ̀sì náà tó ń béèrè bóyá wọ́n fi sí i.

Nígbà tí owó náà ku díẹ̀ kó bọ́ sọ́wọ́, ariwo ta. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, alága, Nicholas Wrigley, àti Jonathan Davie tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ owó-ọ̀yà kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó yẹ káwọn ti fi gbèdéke sí owó náà. Mo kí wọn fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìfipòsílẹ̀ ò lè yí àdéhùn padà. Ohun tí a bá ti fọwọ́ sí fún òṣìṣẹ́, tí ó sì ti ṣe ohun tí a ní kó ṣe, ti di gbèsè lọ́rùn wa. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ tuntun fi ń bẹ̀ Fairburn dípò kó máa pàṣẹ fún un. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ó gbà láti dín apá kejì ohun tó ń bọ̀ wá bá a kù, owó tó yẹ kó ju mílíọ̀nù 100 lọ sì wá já sí nǹkan bíi 75. Ó tún sọ pé òun máa fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣàánú. Ẹ̀sùn mi lórí èyí ò pọ̀: ọkùnrin tó ń gbọ́ ohun tí ìlú ń sọ, tó mọ̀ pé owó orí wà nínú èrè náà, ṣì rí i pé mílíọ̀nù 75 tọ́ sí òun.

Àwọn oníṣíà ni mo fẹ́ bá wíjọ́ jù. Lọ́dún 2012, àwọn ni òfin ní kí wọ́n fọwọ́ sí ètò náà kó tó lè dúró, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ìbò yẹn nìkan ló ní eyín. Àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì àwọn ẹlòmíì ló ní ṣíà tó pọ̀ jù, wọ́n sì ní àwọn oníṣirò tí wọ́n ń sanwó fún. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí wọ́n tún pàdé láti dìbò lórí ìròyìn owó-ọ̀yà, ìmọ̀ràn lásán ni ìbò ọ̀hún. Ìdá 48.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò tí wọ́n dì ló lòdì sí i. Ó ku díẹ̀ kó ṣubú, bó bá sì ṣubú pàápàá, kì bá yí nǹkan kan padà.

Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ dìídì fa ìbò wọn sẹ́yìn, wọn ò wí bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò wí bẹ́ẹ̀ kọ́. Lábẹ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì, ìbò tí ẹnì kan bá fà sẹ́yìn kì í ṣe ìbò, wọn kì í kà á mọ́ èyí tó gbà tàbí èyí tó kọ̀. Bí díẹ̀ nínú àwọn wọ̀nyí bá ti sọ pé rárá, ìròyìn náà ì bá ti wólẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ, pé àwọn ń bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, tó sì dákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ka ìbò, ìgbìmọ̀ ló gbè. Ìyà tó wà nílẹ̀ nígbà náà fún irú èsì yẹn ni pé wọ́n á kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ kan fún gbogbo ayé láti rí. Kí ará Nàìjíríà má sì rẹ́rìn-ín wọn o. Òfin ilé-iṣẹ́ wa ti ọdún 2020 ní kí wọ́n sọ owó-ọ̀yà àwọn ọ̀gá fún àwọn oníṣíà nínú ìpàdé ọdọọdún, ó sì tán síbẹ̀. Wọ́n á kà á sí wa létí, wọ́n á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn.

Ẹ̀sùn tó gbẹ̀yìn kan bó ṣe kúrò. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, akọ̀ròyìn BBC kan bi Fairburn nípa bónọ́ọ̀sì náà níbi ilé-iṣẹ́ bíríkì tuntun kan nítòsí Doncaster. Ó yí padà, ó sì rìn kúrò níwájú kámẹ́rà. Ní oṣù Kọkànlá, ìgbìmọ̀ ní kó máa lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ti ń ba orúkọ ilé-iṣẹ́ jẹ́. Ẹ wo bó ṣe lọ: wọn ò lé e torí ilé, wọn ò sì lé e torí èrè. Owó tí àwọn fúnra wọn fọwọ́ sí ni wọ́n sọ pé ó ti di ìtìjú, wọ́n sì jẹ́ kó kó o lọ.

Ẹni tí wọ́n fi sípò rẹ̀ ni David Jenkinson. Òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó jẹ jù nínú ètò ọdún 2012.