Ìdí Tí Ẹ̀mí Eku Fi Kúrú Ju Ti Erin Lọ

Ọkàn eku ilé ń lù tó ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan. Ti erin kò ju bí 30 lọ. Eku kì í sábà lò ju ọdún 2 sí 3 lọ láyé, erin ń lò tó 60.

Ooru tètè ń fi ara kékeré sílẹ̀, nítorí náà ara eku ń lo oúnjẹ kíákíá kí ó má bàa tutù, ìdí nìyẹn tí ọkàn rẹ̀ fi ń yára lù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iye ìgbà tí ọkàn wọn ń lù láyé: láàárín ọdún 2, ọkàn eku á lù tó mílíọ̀nù 630, ti erin láàárín ọdún 60, nǹkan bíi mílíọ̀nù 946. Iye méjèèjì kò jìnnà síra: ẹranko tí ọkàn rẹ̀ ń yára lù sábà máa ń ní ẹ̀mí kúkúrú.

Síbẹ̀, ìwọ̀n ara nìkan kọ́ ló ń pinnu bí ẹ̀mí ṣe ń gùn tó. Ní Sàìbéríà, àdán kan tí kò tó gíráàmù 10 lò ju ogójì ọdún lọ: ó ń fò sá fún ọ̀tá, ọkàn rẹ̀ sì máa ń falẹ̀ nígbà òtútù.