Ẹ Wo Fọ́tò Ìwé Dókítà Kẹ́ Ẹ Tó Gba Ohun Tí Fóònù Kà Gbọ́

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ gíláàsì yín, kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Àṣà tuntun kan ti wọ ilé wa. Màmá lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un ní ìwé. Ọmọ tó bá a lọ ya fọ́tò ìwé náà, ó fi í sínú áàpù tó ń ka àwòrán, áàpù náà sì to ohun tó kà sí ìlà-ìlà: èsì àyẹ̀wò, orúkọ òògùn, iye ìgbà tí wọ́n á lò ó, òògùn tí ara kọ̀. Ọmọ náà wá ju àkójọ yìí sí gbogbo ẹbí. Láti ọjọ́ yẹn, ìwé dókítà ti di ohun tí wọ́n ká sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àkójọ orí fóònù ni gbogbo ilé ń tẹ̀ lé.

N kò sọ pé kẹ́ni má lo áàpù. Ohun tí mo ń bá jà ni pé kí èèyàn fi àkójọ ránṣẹ́ láìfi fọ́tò ìwé tì í, kó má sì fi ọ̀kan wo èkejì rárá. Iṣẹ́ àbọ̀ nìyẹn, kò sì yẹ ká gbà á lọ́wọ́ ọmọ kankan, bó ti wù kó kàwé tó.

Mo mọ èsì tí wọ́n máa fọ̀. Wọ́n á ní ọwọ́ ìkọ̀wé dókítà ò ṣeé kà, fóònù sì ń kà á jù wá lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lórí ìlà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ìlà kẹwàá ni mo ń sọ. Nígbà tí ọmọ yín bá ń ka ìwé tí kò hàn, ẹ ó rí i pé ó ń fa ojú ro, ó ń sọ pé “bóyá márùn-ún ni, bóyá mẹ́jọ ni.” Ẹ̀yin náà á ti mọ̀ pé ìlà yẹn kò dá a lójú. Àkójọ orí fóònù kì í fa ojú ro. Lẹ́tà rẹ̀ mọ́ tónítóní níbi tó ti ṣìnà, bó ṣe mọ́ níbi tó ti rí i gan-an. Ìdí nìyẹn tí ojú lásán kò fi lè mọ ibi tó ti kùnà, àfi kẹ́ ẹ gbé fọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká sọ pé ohun tó wà lórí ìwé ìyá kan, tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní òògùn ìtọ̀ ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru, nìyí:

```
FBS: 7.2 mmol/L
HBsAg: Non-reactive
Tab Metformin 500mg bd
Tab Amlodipine 5mg od
No Ibuprofen
```

Ohun tí áàpù kó jọ nìyí:

```
Fasting sugar: 72 mg/dL (normal)
HBsAg: Reactive
Metformin 500mg, twice daily
Amlodipine 5mg, once daily
Ibuprofen, after food
Allergies: None
```

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́. Lórí ìwé, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá yìí láàárọ̀ kó tó jẹun jẹ́ méje póìǹtì méjì. Póìǹtì yẹn bọ́ sójú ibi tí wọ́n ti ká ìwé, áàpù kò rí i, ó sì kọ méjìléláàádọ́rin. Bó bá mọ síbẹ̀, wàhálà náà ì bá kéré, torí 72 nínú òṣùwọ̀n mmol/L kò bọ́gbọ́n mu, ẹnikẹ́ni tó mọ nǹkan á pariwo. Ṣùgbọ́n áàpù náà tún pààrọ̀ òṣùwọ̀n. Ó kọ mg/dL tí kò sí lórí ìwé rárá, nítorí 72 bá òṣùwọ̀n yẹn mu dáadáa. Ẹ ò rí i pé àṣìṣe kejì ló bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀?

Kóńgò méje kì í ṣe kílò méje, bẹ́ẹ̀ náà ni òṣùwọ̀n méjèèjì yìí. Ẹni tó bá fẹ́ yí mmol/L sí mg/dL á sọ ọ́ di ìlọ́po 18. Tí ẹ bá sọ 7.2 di ìlọ́po 18, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 130. Fún ẹni tí kò tíì jẹun, 7.0, ìyẹn 126 nínú òṣùwọ̀n kejì, ni àwọn dókítà fi ṣe ààlà ìtọ̀ ṣúgà, bí wọ́n bá tún un yẹ̀ wò tó sì dúró síbẹ̀. Ìyá yìí ti kọjá ààlà, àkójọ sì ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà, níbi tó jẹ́ pé mg/dL ni wọ́n ń lò, á rí 72, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á sì ní kí Màmá dá òògùn dúró. Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ẹ lè bá òṣùwọ̀n méjèèjì pàdé, nítorí náà ẹ má ka nọ́ńbà láìka ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀.

Nọ́ńbà míì wà tó máa ń pa èèyàn ju èyí lọ, ti ínsúlínì ni. Àwọn kan máa ń kọ “10U” láti sọ pé kí wọ́n gún yúníìtì mẹ́wàá. Bí orí U yẹn bá pa dé díẹ̀, òdo ló jọ, mẹ́wàá á sì di ọgọ́rùn-ún. Ínsúlínì ìlọ́po mẹ́wàá lè fa ṣúgà wálẹ̀ títí aláìsàn á fi dákú, ó sì lè má jí mọ́. Ohun tó mú kí àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ òògùn ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ní kí dókítà kọ “units” ní kíkún nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni “1.0mg” ṣe ń di 10mg, tí “.5mg” sì ń di 5mg. Bí ẹ bá rí irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ nínú fọ́tò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá a túmọ̀, ì báà jẹ́ fóònù tàbí èèyàn. Ẹ gbé ìwé náà padà lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn.

Ẹ padà sí ìwé ìyá yìí. Ìlà kejì jẹ́ àyẹ̀wò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítíìsì B. “Non” kékeré tó wà níwájú rẹ̀ ló sọ pé wọn kò rí àrùn náà. Áàpù fò ó, ó sì sọ ẹni tí kò ní àrùn di alárùn. Ẹ tún wá rò ó wò pé gbogbo ẹbí ni wọ́n fi irú èyí ránṣẹ́ sí! Àrànkàn ọ̀rọ̀ ni wọn ò bá fi bá a lò lẹ́yìn. Lójú tèmi, kódà bí àkójọ bá tọ̀nà, ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn nìkan ló yẹ kó gbà á.

Ìlà “No Ibuprofen” ló burú jù. Dókítà ní kí ìyá yìí má fẹnu kan òògùn ìrora yẹn, nítorí ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì lè ba kíndìnrín àgbàlagbà jẹ́. Áàpù fò “No,” ó wá to ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ pọ̀ mọ́ òògùn tí wọ́n ní kó lò. Ó tún fi “lẹ́yìn oúnjẹ” kún un, bẹ́ẹ̀ lórí ìwé kò sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ kankan. Ibo ló ti rí i? Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa òògùn yẹn ni. Bí àfikún irọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn, ó máa ń jọ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé ta ló sọ ọ́.

Ìlà ìkẹyìn, “Allergies: None,” fẹ́ kẹ́ ẹ gbà pé kò sí òògùn tí ara ìyá yìí kọ̀. Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé dákẹ́ ni. Àkójọ ní àyè kan fún ọ̀rọ̀ yẹn, àyè náà ṣófo, áàpù sì fi “kò sí” dí i. Ṣé ẹni tí wọn kò bi léèrè ló dáhùn pé rárá? Bí ara ìyá yìí bá kọ pẹnisílíìnì, tí nọ́ọ̀sì mìíràn sì ka àkójọ yìí lọ́jọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé “ìwé kò sọ.”

Báwo la ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa lọ, ìlọ kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń mú. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú fọ́tò. Ẹ fẹ̀ ẹ́ títí ìlà kan á fi kún ojú fóònù, kẹ́ ẹ kà á, kẹ́ ẹ tó wá a lọ sínú àkójọ. Ẹ má ka àkójọ ṣáájú, torí ohun tí etí bá ti gbọ́ ni ojú á máa rí. Ìlọ yìí ló ń mú ohun tí wọ́n fò. Ẹ wá “No,” “Not,” “Non,” “Nil,” “Stop,” àti ààmì “-” nídìí èsì. Ẹ tún wá ìlà tí dókítà fi bíìrò fà kọjá, torí áàpù lè ka òògùn tí wọ́n ti fagi lé bí ẹni pé ó ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àkójọ, kẹ́ ẹ fi ìka sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì bèèrè pé níbo ló wà nínú fọ́tò. Èyí tí ẹ kò bá rí ibùdó rẹ̀, ẹ pa á rẹ́, bó ti wù kó dùn ún gbọ́ tó. “Normal” á kúrò, “after food” á kúrò.

Èèyàn méjì ló dára kó ṣe é. Kí ẹni tó di fọ́tò mú máa pe nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: “méje, póìǹtì, méjì,” kí ẹnì kejì sì máa wo àkójọ. Ẹni tí kò ka ìwé lè ṣe èyí, ẹ̀yin ìyá. Ẹni tó ń ka owó lọ́jà mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín 500 àti 5,000, kò sì nílò gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀ pé òògùn mẹ́ta ló wà níbí, mẹ́rin sì ló wà lọ́hùn-ún.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ aláìsàn àti ọjọ́ tó wà lórí ìwé ṣá o, nítorí àkójọ tó bá fọ́tò mu láìkù síbì kan kò wúlò bó bá jẹ́ ìwé ẹlòmíràn tàbí ti ọdún tó kọjá ni.

Bí fọ́tò kò bá hàn, ẹ tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì ní ojúmọmọ, kí òjìji ọwọ́ má bò ó, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ inú àwòrán, kẹ́ ẹ sì tún un yà. Ibi tí kò bá sì tún hàn, “kò hàn” ni kẹ́ ẹ kọ sínú àkójọ, kí ẹnì kan mú ìwé gan-an lọ sí ọsibítù tó ti jáde kí Màmá tó lo ohunkóhun tó wà lórí ìlà yẹn.