Ìlà To Kì í Ṣe Àga Àgbà

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló gbà pé bí èèyàn bá ń kọ ímeèlì, orúkọ ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù ló gbọ́dọ̀ ṣáájú níbi To, kí àwọn tó kù tẹ̀ lé e bí ipò wọn ṣe tò, kí Cc sì jẹ́ ti àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọ̀gá sí Cc ti rí ọ̀gá fín. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ń dá iṣẹ́ dúró lójoojúmọ́. Ẹni tí iṣẹ́ inú lẹ́tà já lé léjìká ló ni To, ì báà jẹ́ ọ̀gá pátápátá, ì báà jẹ́ ẹni tó wọṣẹ́ lánàá.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Ní sẹkitéríàtì ìjọba láyé àtijọ́, olórí iléeṣẹ́ ni wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí, kódà bó bá jẹ́ akọ̀wé kékeré kan nísàlẹ̀ ló máa ṣe iṣẹ́ náà. Ó bọ́gbọ́n mu nígbà náà. Lẹ́tà á wọ fáìlì, fáìlì á gorí tábìlì Akọ̀wé Àgbà, òun á kọ gbólóhùn kan síbẹ̀ pé kí lágbájá bójú tó o, fáìlì á sì máa sọ̀ kalẹ̀ títí á fi dọ́wọ́ ẹni tó ni iṣẹ́. Ẹ̀dà tí wọ́n fi pépà kábọ̀n tẹ̀ ni ti àwọn tó kàn yẹ kí wọ́n gbọ́ sí i. Ibẹ̀ ni Cc ti gba orúkọ. Ṣùgbọ́n ímeèlì kò ní fáìlì tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé lágbájá ni kó ṣe é. Ìwé ìlànà tí àwọn tó ń ṣe ètò ímeèlì ń tẹ̀ lé, RFC 5322 ti ọdún 2008, là á mọ́lẹ̀: To wà fún àwọn tí lẹ́tà dìídì ń bá wí, Cc wà fún àwọn mìíràn tó máa rí i gbà, bó tilẹ̀ lè jẹ́ pé àwọn kọ́ ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń bá wí. Kò dárúkọ ipò.

Ẹ jẹ́ ká ní jẹnẹrétọ̀ ilé-ìwé gírámà kan bàjẹ́ ní Ìbàdàn. Akọ̀wé ọ́fíìsì kọ ímeèlì, ó sì to orúkọ sí To bí wọ́n ṣe kọ́ ọ: alága ìgbìmọ̀, ọ̀gá àgbà, akápò, olùtọ́jú ohun èlò, àti ẹnjiníà tó fẹ́ tún un ṣe. Ó ní: “Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ káàárọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ti bàjẹ́, owó àtúnṣe jẹ́ 385,000 náírà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó.” Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sẹ́ni tó fèsì. Alága rò pé ọ̀gá àgbà ti ń bójú tó o. Ọ̀gá àgbà ń retí kí akápò sọ bóyá owó wà. Akápò ń wòye, torí kò lè ṣáájú alága sọ̀rọ̀.

Ẹ wo “ẹ” tó wà nínú lẹ́tà yẹn. Nínú èdè wa, ẹnì kan ṣoṣo tí a bọ̀wọ̀ fún ni “ẹ”, èèyàn márùn-ún náà sì ni “ẹ”. Bí lẹ́tà bá lọ sọ́dọ̀ àwọn márùn-ún, “ẹ bá wa wò ó” kò mú ẹnikẹ́ni. Bí iye àwọn tó gbọ́ ṣe ń pọ̀ ni ojúṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fúyẹ́. John Darley àti Bibb Latané fi èyí hàn ní New York, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1968. Wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ohùn ẹnì kan tí wárápá dà bíi pé ó mú. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló gbọ́, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló dìde kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tó rò pé èèyàn mẹ́rin mìíràn ń gbọ́, 31 péré ni.

Kí akọ̀wé yẹn tó fọwọ́ kan To, ohun kan ló yẹ kó bi ara rẹ̀: bí kò bá sí èsì, ọ̀dọ̀ ta ni mo máa lọ kanlẹ̀kùn? Bí òfin ilé-ìwé bá sọ pé akápò ló ń fọwọ́ sí owó tí kò tó 500,000 náírà, akápò nìkan ló ni To. Ọ̀gá àgbà àti olùtọ́jú ohun èlò á wà ní Cc. Alága kò ní í sí níbẹ̀ rárá, àyàfi tí owó bá ju agbára akápò lọ. Lẹ́tà náà á wá rí báyìí:

“Akápò, ẹ káàárọ̀ mà. Mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí 385,000 náírà fún àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ kí ọjọ́ Wẹ́sìdeè tó parí. Ìwé iye owó wà lábẹ́ lẹ́tà yìí. Ọ̀gá àgbà, mo fi èyí tó yín létí ni sà, torí ìdánwò tó ń bọ̀. Kò sí ohun tí ẹ máa ṣe sí i. Olùtọ́jú, bí akápò bá ti fọwọ́ sí i, ẹ̀yin lẹ máa ṣílẹ̀kùn fún ẹnjiníà.”

Ẹni tó wà ní To la kọ́kọ́ kí, òun la sì bèèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́. Ẹni tó wà ní Cc gbọ́ orúkọ oyè rẹ̀, ó sì mọ ìdí tí lẹ́tà fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ọ̀gá máa bínú ń wá ọ̀wọ̀ níbi tí kò sí. Inú ọ̀rọ̀ ni ọ̀wọ̀ wà, nínú “sà” àti “yín” tí a fi bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tí wọ́n ń fi sí To nínú gbogbo lẹ́tà kò lè mọ èyí tó ń dúró de òun mọ́, èyí tó sì ń dúró dè é gan-an ló máa ń fò ó.

Ẹnjiníà ńkọ́? Lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Bó bá wà nínú ti àwọn ará ilé, akápò lè tẹ Reply all kó sì kọ pé, “Ṣé a ò lè rí ẹni tó máa gba 300,000?” Ẹnjiníà á kà á kí ọ̀gá tó kà á.

Àwọn kan á ní kí a fi Bcc yanjú rẹ̀, kí a fi alága síbẹ̀ kó máa wò láìjẹ́ kí akápò mọ̀. Mo kórìíra àṣà yìí, kò sì pamọ́ tó bí wọ́n ṣe rò. Lóòótọ́, ètò ímeèlì máa ń yọ ìlà Bcc kúrò kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n bí alága bá gbàgbé, tó tẹ Reply all, èsì rẹ̀ á bọ́ sójú akápò, akápò á sì mọ̀ pé wọ́n ti ń ṣọ́ òun. Bí alága bá gbọ́dọ̀ mọ̀, ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn náà, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ ìdí.

Iṣẹ́ gidi tí Bcc ń ṣe ni kó dáàbò bo àwọn tí kò yẹ kí wọ́n rí àdírẹ́sì ara wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ímeèlì kan sí àwọn ará Afghanistan 245 tó ń wá ọ̀nà àtisá kúrò lọ́wọ́ Taliban, To ni wọ́n sì kó gbogbo àdírẹ́sì sí. Èèyàn méjì tẹ Reply all. Ọ̀kan nínú wọn sọ ibi tó wà fún gbogbo wọn. Ní 2023, wọ́n bu owó ìtanràn 350,000 pọ́n-ùn lé iléeṣẹ́ náà.

Nítorí náà, bí ilé-ìwé yẹn bá fẹ́ sọ fún àwọn òbí pé iná ti dé, àdírẹ́sì ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni kó wà ní To, kí gbogbo òbí wà ní Bcc, kí lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Òbí wa ọ̀wọ́n”, bí ẹni ń bá òbí kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Kí ó sọ nínú rẹ̀ pé gbogbo òbí ló gba lẹ́tà náà, kí ẹni tó bá ní ìbéèrè sì mọ orúkọ ẹni tó máa dá a lóhùn.